Báńkì dá bíìlì iná padà: àdírẹ́sì wo ni wọ́n ń wá?

Ìbéèrè: Okun o. Báńkì kan ní Kàbà dá bíìlì iná mi padà nígbà tí mo fẹ́ gbé àkáǹtì mi sókè. Wọ́n ní àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá ti fọ́ọ̀mù mu. Ilé kan náà ni o! Ayálégbé ni mí, orúkọ onílé ló wà lórí bíìlì, ilé náà kò sì ní nọ́ńbà.

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ gbé bíìlì àti fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ kà wọ́n lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tí mo bá wò ó. Bíìlì tirẹ̀ ní "Ẹ̀yìn Ọjà, Ọ̀nà Ọ̀kẹ́nẹ̀, Kàbà". Òun fúnra rẹ̀ kọ "Ilé 7, Ọ̀nà Ọjà, Kàbà" sínú fọ́ọ̀mù. Níbo ni 7 ti wá? Fọ́ọ̀mù béèrè nọ́ńbà, ó bá ka ilé láti orí títì, ó sì kọ iye tó kà. Ẹni tó jókòó sí báńkì kò mọ àdúgbò náà. Ilé méjì ni ìwé méjèèjì fi hàn án.

Àdírẹ́sì inú bíìlì kì í ṣe tiyín, ti mítà ni: ibi tí AEDC, ilé iṣẹ́ iná, kọ sílẹ̀ pé mítà wà. Nítorí náà, ohun tí bíìlì bá sọ ni kí fọ́ọ̀mù náà sọ. Ẹ má ṣẹ̀dá nọ́ńbà rárá. Ẹ kọ àdírẹ́sì bí ó ṣe wà lórí bíìlì, kí ẹ wá fi àmì ilé kún un lẹ́yìn rẹ̀: àwọ̀ géètì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Ìyá yẹn ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á.

Àmì ilé yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti 2013 ni báńkì àpapọ̀, CBN, ti pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta, ìpele kẹta ló sì ń fẹ́ kí wọ́n rí i dájú pé ẹ ń gbé níbẹ̀. Báńkì lè rán ènìyàn wá sílé, orúkọ yín ni yóò sì béèrè, kì í ṣe ti onílé. Bí gbogbo àgbàlá bá mọ̀ yín sí Bàbá Bọ́lá nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ inú fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní ẹ kì í gbé ibẹ̀. Ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún fún ará ilé ṣáájú.

Ní ti orúkọ onílé, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ayálégbé òun ni yín, kí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi rísíìtì owó ilé tì í. Báńkì kan lè gba bẹ́ẹ̀, òmíràn lè ní dandan kí orúkọ yín wà níbẹ̀; ẹ béèrè kí ẹ tó lọ da onílé láàmú. Ẹ wo ọjọ́ orí bíìlì náà pẹ̀lú. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ báńkì máa ń fún un. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ san gbèsè rẹ̀.

Ẹ má sì gbé ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ láti sẹkitéríàtì lọ dípò rẹ̀. Ìyẹn ń sọ ibi tí bàbá yín ti wá, kò sọ ibi tí ẹ ń sùn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi sítétímẹ́ǹtì báńkì mi kejì rọ́pò bíìlì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ orúkọ yín. Àdírẹ́sì tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti báńkì fúnra rẹ̀, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Tiyín ni èyí tí ẹ fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì. Bí ẹ bá ṣí i ní Ìlọrin nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, Ìlọrin ló máa sọ, kódà bí ẹ ti ń gbé Ìsánlú láti ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n yí i padà, wọ́n lè béèrè bíìlì kan náà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ti bíìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ló wà níbẹ̀, kò wúlò fún èyí. Ẹnikẹ́ni kì í gbé inú àpótí. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé náà, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi kì í gba àwòrán ojú fóònù.

Ìbéèrè: Mítà tí à ń ra káàdì sí ni tèmi, wọn kì í mú bíìlì wá.

Ìdáhùn: Ẹ tọ́jú rísíìtì tí ẹ ń gbà bí ẹ bá ra iná, èyí tí nọ́ńbà 20 tí à ń tẹ̀ sínú mítà wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá gbé orúkọ, nọ́ńbà mítà àti àdírẹ́sì lẹ lè mú lọ. Bí iye owó àti nọ́ńbà 20 yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì AEDC pẹ̀lú nọ́ńbà mítà, kí ẹ béèrè ìwé tó fi àdírẹ́sì mítà hàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé rísíìtì yẹn lè pòórá lójú láìpẹ́, pàápàá bí oòrùn bá rí i. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.