Bàtà bọ́ọ̀lù eléyín irin lórí ilẹ̀ líle: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé wọn n'Íbàdàn, ilẹ̀ pupa tó gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n máa ń kó wọn lọ sí pápá koríko àtọwọ́dá. Mo ra bàtà tòkunbọ̀ eléyín irin fún un, ó dáa lójú gan-an. Àmọ́ tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ á máa ro ó. Ṣé bàtà ni, àbí ọmọ yìí kàn ń ṣọ̀lẹ?

Ìdáhùn: Kò ṣọ̀lẹ rárá, ìyá wa. Ẹ dojú bàtà náà dé, kí ẹ ka eyín rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin níwájú, méjì ní gìgísẹ̀, tí gbogbo wọn sì ṣeé yí kúrò, bàtà ilẹ̀ rírọ̀ nìyẹn. SG ni wọ́n máa ń kọ sára àpótí rẹ̀ tàbí sí ara bàtà náà. Ìlú tí òjò ti ń sọ pápá di ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Eyín irin yẹn sábà máa ń gùn tó 13 sí 15 mílímítà kó lè la ẹrẹ̀ kọjá, kó rí nǹkan dì mú nísàlẹ̀. Lórí yangí, kò ríbi wọ̀. Gbogbo ìwúwo ọmọ yín, àti agbára tó fi ń sáré tó fi ń fò, wá dúró lórí irin mẹ́fà, irin náà sì ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀. Ìdí tó fi ń ro ó nìyẹn.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Kó wọ bàtà náà, kó rìn díẹ̀ lórí pápá, kí ẹ wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí eyín bá wọlẹ̀ dáadáa tí ìdí bàtà náà fi kan ilẹ̀, bàtà àti pápá bára mu. Tó bá jẹ́ ihò kéékèèké nìkan lẹ rí, tàbí tí ẹ kò rí nǹkan kan, orí eyín ló ń rìn.

Bàtà tí wọ́n kọ FG sí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa nawọ́ sí yín. Eyín ike ni tirẹ̀, ó pọ̀ ju mẹ́fà lọ, ó sì kúrú. Ó dáa lórí koríko gidi tí ilẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀. Ṣùgbọ́n pápá ilé ìwé tí koríko ti tán lórí rẹ̀ le ju ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe FG lọ. Tó bá jẹ́ èmi, TF ni màá rà: eyín rọ́bà kéékèèké tó pọ̀ bẹẹrẹ, tó pín ìwúwo ká gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bá ilẹ̀ pupa mu, ó sì ṣeé wọ̀ lọ sí pápá Sátidé náà. Bí owó bá wà fún bàtà kejì, kí ti Sátidé jẹ́ AG, bàtà tí wọ́n ṣe fún koríko àtọwọ́dá.

Ìbéèrè: Ọlọ́jà ní kí n kàn yí eyín irin náà kúrò, kí n fi eyín ike kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìyẹn ò tó? Kí ló sì burú nínú kó wọ irin lọ sí pápá àtọwọ́dá, ṣebí ibẹ̀ rọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ máa náwó, ọlọ́jà lá jèrè. Tí ẹ bá pààrọ̀ eyín, mẹ́fà náà ló ṣì jẹ́, ojú ibi kan náà ló sì máa ti gún ọmọ. Iye eyín àti bí wọ́n ṣe tò ló ń pín ìwúwo.

Ní ti pápá àtọwọ́dá, irin ń ya koríko oníke náà, ọ̀pọ̀ alábòójútó pápá kò sì ní jẹ́ kó wọlé. Ti orúnkún ló ká mi lára jù. Láàárín koríko yẹn, yanrìn àti rọ́bà dúdú wóróówóró ni wọ́n dà síbẹ̀. Tí eyín gígùn, tàbí eyín pẹlẹbẹ bí abẹ, bá rì wọ inú rẹ̀, á dì mú ṣinṣin. Ọmọ á fẹ́ ṣẹ́rí padà, ara á yí, ẹsẹ̀ kò ní yí. Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló máa gba ìyípo yẹn, ibẹ̀ sì ni iṣan orúnkún ti lè já. Eyín AG kúrú, ó rí roboto, ó sì pọ̀, nítorí náà ó máa ń tètè jọ̀wọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ FG síbẹ̀ ló ń fara pa o, ṣùgbọ́n eyín roboto sàn ju pẹlẹbẹ lọ.

Ìbéèrè: Bàtà náà fi nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kó lè wọ̀ ọ́ dọdún tó ń bọ̀. Mo ń fi òwú dí iwájú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ yọ òwú yẹn, ìyá wa. Nínú ìwọ̀n UK, nọ́ńbà kan tó mílímítà 8 àti ààbọ̀. Méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 1.7. Nígbàkigbà tó bá dúró lójijì, ẹsẹ̀ á yọ̀ síwájú, èékánná á gbá orí bàtà, á dúdú, gìgísẹ̀ á sì máa bó. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí bàtà ti ṣẹ́ kò tún ní bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà nírọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù, kó dúró lórí ìwé, kó fẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti ògiri, kí ẹ fàmì sí orí ìka tó gùn jù. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ lo èyí tó gùn. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23.5: ẹ wo ahọ́n bàtà níbi tí wọ́n kọ CM tàbí JP sí, kí ẹ wá 24. Tó bá dìde dúró nínú rẹ̀, àyè tó wà níwájú kó má ju ìbú àtàǹpàkò yín lọ, kí gìgísẹ̀ má sì gòkè tó bá ń rìn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀, ẹ má tìtorí ìyẹn fi nọ́ńbà kún un. Ẹ wá aláwọ, awọ á fẹ̀ díẹ̀. Ike kì í fẹ̀.

Ìbéèrè: Tí a bá pààrọ̀ bàtà tí gìgísẹ̀ ò yé ro ó ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọwọ́ méjì fún gìgísẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá pariwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ibi tí eegun gìgísẹ̀ ti ń dàgbà ló ń bínú. Ó wọ́pọ̀ láàárín ọdún 8 sí 14. Kó sinmi eré sísá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ lé e, kí ẹ sì fi tìmùtìmù kékeré sábẹ́ gìgísẹ̀ nínú bàtà. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, bó bá wú, bó bá ń jí i lóru, tàbí bí orúnkún bá dún pọ́ tó sì wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Kóòṣì, London lèmi wà. Pápá Sunday wa máa ń di ẹrẹ̀ láti oṣù kọkànlá, mo ń yọ̀ ṣubú nínú FG. Ṣé kí n ra SG?

Ìdáhùn: Rà á, àbúrò, ibi tí wọ́n ṣe é fún gan-an lo wà. Wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ eré: tí gìgísẹ̀ rẹ bá rì sínú koríko, wọ SG, tí òtútù bá ti sọ ilẹ̀ di líle bí òkúta, fi sílẹ̀ nílé. Máa fọwọ́ kan eyín náà kó o tó lọ, nítorí irin tó ti jẹ máa ń mú bí ọ̀bẹ, rẹfirí sì lè ní kó o bọ́ ọ. Lẹ́yìn eré, yí wọn kúrò, fọ ẹrẹ̀ inú ihò, kó o fi gírísì díẹ̀ sí i, kí ìpẹtà má bàa dì wọ́n pa.