Hítà ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù: ẹ yẹ omi rẹ̀ wò, kí ẹ tó fọ rédíétọ̀ kékeré

Ní Èkó, bọ́tìnnì hítà kàn wà nínú ọkọ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa tó ti wa ọkọ̀ pẹ́ nílé kò fi mọ̀ pé omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù náà ló ń mú inú ọkọ̀ gbóná. Omi yìí á gbóná lára ẹ́ńjìnnì, á gba inú róbà kan lọ sínú rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì gba róbà kejì padà. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara rédíétọ̀ kékeré yẹn wá bá wa. Bí omi kò bá tó, tàbí tí ìdọ̀tí bá dí ojú ihò rẹ̀, atẹ́gùn tútù ni yóò máa fẹ́. Ní Ṣìkágò níbí, nínú oṣù kìíní ọdún, kò sí bí èèyàn ṣe lè gbójú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi Kòrólà ọdún 2006 ti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń fi í gbé èrò ṣe àpẹẹrẹ. Tó bá ń sáré lójú ọ̀nà, hítà á gbóná. Tó bá dúró níbi iná pupa, atẹ́gùn á tutù. Tó bá tún gbéra, ooru á padà. Omi tí kò tó ló sábà máa ń ṣe báyìí. Rédíétọ̀ kékeré wà lókè nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà, bí omi bá dín kù, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń kó jọ sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, pọ́ǹpù lágbára láti ti omi débẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró, agbára yẹn kò sí mọ́.

Òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ ńlá. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì láìhó, nítorí pé ìdérí yẹn ló fún un pa. Bí ẹ bá ti tú u báyìí, yóò tú jáde sí yín lójú. Ẹ má sì fi ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Lórí irú ọkọ̀ bíi Kòrólà yìí, ike lè kún nígbà tí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ kò kún. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ń wò lójoojúmọ́ nìyẹn: ike rẹ̀ kún dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ìdérí, a kò rí omi lójú. Tí ọkọ̀ yín kò bá ní ìdérí lórí rédíétọ̀, inú ike náà ni ẹ ó wò, lẹ́yìn tó bá tutù ni kí ẹ ṣí òun náà.

Ohun tí ẹ máa bù sí i ni kúláǹtì. Mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ la máa ń bù sí i nílé, ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń di yìnyín, omi lásán á wú nínú ẹ́ńjìnnì, á sì là á. Kúláǹtì ìlàjì àti omi ìlàjì kì í dì títí otútù fi dé nǹkan bíi 37 nísàlẹ̀ òdo. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá da kúláǹtì nìkan láìlà á, yóò tún dára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀: kúláǹtì aláìlómi tètè dì ju àdàpọ̀ lọ, ní nǹkan bíi 13 nísàlẹ̀ òdo. Èmi kì í ra èyí tí wọ́n ti pò, torí pé owó ìlàjì omi lèèyàn ń san. Mo máa ń ra ògidì, kí n wá fi omi irú èyí tí a ń bù sí bátìrì, kì í ṣe ásíìdì rẹ̀, là á. Omi yìí wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oúnjẹ níbí, kò sì wọ́n. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀, ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ kà, torí pé èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé níbì kan kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú àwọ̀ ewé níbòmíràn, bí oríṣi méjì tí kò bára mu bá sì pàdé, wọ́n lè dì bí ẹrẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé, nítorí náà ẹ nu èyí tó bá kán sílẹ̀ kí ọmọdé tàbí ajá tó débẹ̀.

Omi kì í ṣàdédé tán. Tí ẹ bá ń gbóòórùn tó dùn nínú ọkọ̀, tí gíláàsì iwájú ń ní ìkùukùu tó ń yọ̀, tí ilẹ̀ ibi tí ẹni iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí sì rin fún omi, rédíétọ̀ kékeré ti lu nìyẹn, fífọ̀ kò ní ṣe é. Bí èéfín funfun bá ń jáde lẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, mẹkáníìkì ni ẹ ó lọ bá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ omi kún, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè níbi tí ilẹ̀ gbé ga, kí ẹ ki àrọ sí ẹnu rédíétọ̀, kí ẹ yí hítà sí gbígbóná pátápátá, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Ẹ ó rí i tí omi á máa hó púkẹ́púkẹ́ nínú àrọ, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ sí i títí fáànù rédíétọ̀ ńlá fi máa tan fúnra rẹ̀ kó sì kú, tí ohun tó ń hó á sì dáwọ́ dúró. Nígbà yìí ni kí ẹ wo géèjì pẹ̀lú. Bí abẹ́rẹ́ kò bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ ti wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú, tẹmọsítáàtì, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì fi máa gbóná, ló ṣí sílẹ̀, tàbí kí ẹnì kan ti yọ ọ́ dànù. Nílé, àwọn mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ kí ọkọ̀ má baà gbóná jù. Ẹni tó bá dé ibi òtútù tó ní kí wọ́n bá òun yọ ọ́ kò ní rí ooru.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì. Hítà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbóná bó ṣe yẹ. Ìgbà yìí ni a wá fọwọ́ kan àwọn róbà méjì tó wọ inú ògiri ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí ẹ kíyè sí bẹ́líìtì àti fáànù. Bí méjèèjì bá gbóná tó jẹ́ pé ọwọ́ kò lè dúró lórí wọn, omi ń kọjá dáadáa. Ilẹ̀kùn kékeré tó ń darí atẹ́gùn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí méjèèjì bá tutù, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí kí pọ́ǹpù má ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì lọ́wọ́ọ́wọ́, ìdọ̀tí ti dí rédíétọ̀ kékeré. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn, a kò sì wá ìdí rẹ̀ jìnnà: omi ẹ̀rọ ni ẹ̀gbọ́n ti ń bù sí i láti ìgbà tó ti rà á, ó sì ti da oògùn tó ń dí ibi tó ń jò sínú rẹ̀. Oògùn yẹn kò mọ ibi tó ń jò yàtọ̀ sí ihò tóóró. Ihò tóóró ni gbogbo inú rédíétọ̀ kékeré.

Fífọ̀ ọ́ ni ibi tí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bà á jẹ́.

Èkíní ni yíyọ róbà. Róbà tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù, ẹnu páìpù náà kò sì nípọn. Ẹni tó bá fi agbára fà á yóò ṣẹ́ ẹnu rẹ̀, tí ó bá sì ti ṣẹ́, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n á tú kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rédíétọ̀ kékeré. Ẹ má fà. Ẹ fi púláyà tẹ kílíìpù sẹ́yìn, kí ẹ wá yí róbà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi tú. Bí kò bá tú, ẹ fi ọ̀bẹ la orí rẹ̀ ní gbọọrọ, kí ẹ bó o kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ ha páìpù o. Róbà tuntun kò wọ́n rárá ní ẹ̀gbẹ́ owó títú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èmi a ti ra róbà méjèèjì sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èkejì ni agbára omi. Omi ẹ̀rọ ilé lè lágbára ju ohun tí rédíétọ̀ kékeré ń rí nínú ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá ki róbà ọgbà mọ́ ọn, tó sì ṣí ẹ̀rọ pátápátá, lè bẹ́ ẹ kíákíá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà tún burú jùyẹn lọ. Mo ti rí ẹni tó lò ó, orí kápẹ́ẹ̀tì ni omi dà sí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń fi róbà tó mọ́ gaara, tí a lè rí inú rẹ̀, sí ẹnu méjèèjì. N kì í fi kílíìpù de èyí tí omi ń gbà wọlé, kí ó lè bọ́ fúnra rẹ̀ bí agbára bá pọ̀ jù. Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ díẹ̀ títí omi á fi kàn máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tí omi máa ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ìyẹn ẹnu róbà tó lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé padà. Ẹ fi garawa gbà á. Tiwa jáde bí omi ẹrẹ̀, pẹ̀lú ègé kéékèèké bí ìpẹ́pẹ́. Nígbà tó mọ́, a yí i padà, a rọ ọ́ láti ẹnu kejì, ìdọ̀tí tún jáde. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ síwá-sẹ́yìn títí tí yóò fi mọ́ níhà méjèèjì tí omi á sì máa jáde bó ṣe ń wọlé. Mi ò fẹ́ràn ásíìdì. Ara rédíétọ̀ náà fẹ́lẹ́, ìdọ̀tí nìkan kọ́ ni ásíìdì ń jẹ.

Omi ẹ̀rọ ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá parí o. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú òtútù mọ́jú, á dì, á sì bẹ́ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ fi omi bátìrì ṣan án, kí ẹ dá róbà padà, kí ẹ fi ògidì kúláǹtì kún un, torí pé omi tó kù nínú rẹ̀ ni yóò là á, kí ẹ sì tún lé afẹ́fẹ́ jáde. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní ìwọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi ń fa kúláǹtì wò, tó ń sọ òtútù tó lè gbà. Ó kéré lówó, ẹ ra ọ̀kan. Omi ìdọ̀tí inú garawa kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ibi tí ìlú ń gba ohun olóró ni kí ẹ gbé e lọ.

Róbà méjèèjì Kòrólà náà jọ gbóná lẹ́yìn ìyẹn, hítà sì ń fẹ́ ooru níbi iná pupa. Bí tiyín bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí ohun tí omi tún lè ṣe, pípààrọ̀ ló kù. Ẹ tún ṣí ìdérí wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí pé afẹ́fẹ́ tó bá kù á ti jáde, àyè rẹ̀ á sì ń béèrè omi díẹ̀ sí i.