Bí a ṣe ń fi awò alágbára kàwé nígbà tí àárín ojú bá ti bàjẹ́

Àrùn tó ń ṣe màkúlà, ìyẹn àárín ẹ̀yìn ojú, lára àwọn àgbàlagbà máa ń ba àárín ìríran jẹ́, á sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń rìn nínú ilé láìkọlu àga, síbẹ̀ tí kò lè ka ẹsẹ Bíbélì kan. Awò kankan kò lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Ó kàn ń mú lẹ́tà tóbi débi tí apá ojú tó ṣẹ́ kù á fi dá a mọ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ojú wọn ìríran wọn. Ká ní 6/60 ni wọ́n kọ sí káàdì Màmá: ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà 60, àfi kí Màmá sún mọ́ ọn dé mítà 6. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 6, ó di 10. Awò ojú tí agbára rẹ̀ jẹ́ +10 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún lẹ́tà ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ dán +12 àti +16 náà wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sáré mú èyí tó lágbára jù, torí bí agbára ṣe ń pọ̀ ni iye lẹ́tà tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kan ń dín kù.

Ẹ wá pín 100, ìyẹn iye sẹ̀ńtímítà inú mítà kan, sí ọ̀nà 10, ìyẹn agbára awò náà. Sẹ̀ńtímítà 10 ni ìwé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí awò +10, bí ìbú ìkúùkù. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Àgbàlagbà á wọ awò náà, á na ìwé jìnnà bó ṣe mọ́ ọn lára, gbogbo rẹ̀ á ṣú, á ní awò náà kò dáa. Ẹ ní kí Màmá gbé ìwé kan imú, kí wọ́n máa sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dúró níbi tí lẹ́tà bá ti là. Kí wọ́n má yí orí; ìwé ni kí wọ́n máa fà lọ sí apá òsì. Kíkàwé nítòsí báyìí kì í ba ojú jẹ́.

Bí ojú méjèèjì bá jọ ń ríran, awò +10 gbọ́dọ̀ nípọn sápá imú, kí ojú méjèèjì lè pàdé lórí ìwé. Tó bá ti kọjá +12, ojú tó dáa jù nìkan ni kí wọ́n fi kà.

Dígí ọwọ́ dáa fún orúkọ oògùn tàbí iye owó ọjà. Ẹ gbé e lé orí ìwé, kí ẹ gbé e sókè títí lẹ́tà á fi tóbi tó sì mọ́. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ ra èyí tó lẹ́sẹ̀, tó ń jókòó sórí ìwé, kí wọ́n sì wọ awò ìkàwé wọn sí i.

Iná gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó dáa jù, nítòsí ìwé, kó má tàn sójú wọn.

Bí ìlà tó tọ́, bíi etí ilẹ̀kùn, bá dédé wọ́ lójú wọn, ẹ má pààrọ̀ awò. Ẹ̀jẹ̀ tàbí omi lè máa jò lẹ́yìn ojú, abẹ́rẹ́ sì wà fún un. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.