Lẹ́tà Kíákíá sí Ọ̀gá Ilé-ìwé
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ lára, ẹ má kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Wáásáàpù kíláàsì. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ìbéèrè yín ṣíwájú: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ rí yín lọ́la nípa ààbò ọmọ mi, Pírámárì 3." Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ gan-an: "Wọ́n ń gbá mi létí lẹ́yìn ṣáláńgá." Ẹ má fi ìfura kún un, kí ọ̀gá má baà bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà tíṣà rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n buwọ́ lu tiyín pẹ̀lú déètì.