Kí ni 0.03% ara ìgò ẹ́nájì yẹn túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ mi, ó ń múra Wáẹ̀kì. Àtàkúnmọ̀sà ni mo ti ń tajà, n kì í tètè délé. Kí n tó mọ̀, ó ti ń mu ìgò ẹ́nájì méjì lálaalẹ́. Kì í rí oorun sùn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní àyà òun ń lù kìkì. Mo wo ara ìgò, kàféènì 0.03% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọmọ, mọ́mì. Òdo tó ṣáájú yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé 30 mílígíráàmù kàféènì wà nínú 100 mililítà. Ẹ wá wo iye tí ìgò gbà. Bó bá jẹ́ 500 mililítà, ẹ sọ 30 di ìlọ́po 5: ó di 150 nínú ìgò kan, 300 nínú méjì.

Ìwọ̀n ara ọmọ lẹ ó fi gbé e wò. Lọ́dún 2015, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fi ààlà ọmọdé sí 3 mílígíráàmù fún kílò kan lójúmọ́. Bí tiyín bá wọn kílò 50, 150 ni tirẹ̀. Ìgò kìíní ti dé ibẹ̀, a ò tíì ka gbànja tó bá jẹ mọ́ ọn (kàféènì kan náà ló ń lé oorun lójú awakọ̀ tó bá jẹ obì).

Ní ti oorun, ó máa ń tó wákàtí 5 kí ìdajì kàféènì tó kúrò lára. Tó bá mu méjèèjì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, bíi 150 ṣì wà lára rẹ̀ ní aago méjì òru, bó ṣe máa rí ká ní ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ìgò kan.

Ìbéèrè: Tí mo bá wá ra èyí tí kò ní ṣúgà fún un ńkọ́?

Ìdáhùn: Ṣúgà á lọ, kàféènì á dúró. Àmọ́ ṣúgà náà kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 11 sí 100 mililítà, 55 ló wà nínú ìgò yín, ó lé ní kóró ṣúgà 13 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 4. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn kan máa ń kọ iye ti ife kan, tí ìgò á sì gba ife méjì.

Kó jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá ni tèmi. Orí lè fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn á lọ. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tó dákú, tàbí tí àyà rẹ̀ kò yéé lù kìkì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú ìgò yẹn dání.