Bí a ṣe ń bójú tó àkáǹtì oníbàárà púpọ̀ láì ṣi ti ẹnì kan gbé fún ẹlòmíràn

Oníbàárà mẹ́ta ni mo máa fi ṣàlàyé: ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn, àti arákùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa la ń bá wọn gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ sórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, àwa là ń ṣètò ìpolówó wọn, a sì ń jábọ̀ fún wọn níparí oṣù. Ẹni tó ní oníbàárà kan ṣoṣo lè máa ṣe é bó ṣe wù ú. Bó bá ti di mẹ́ta, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn: ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọlé, ìlà iṣẹ́ tó ń dúró de aago rẹ̀, àti ìjábọ̀. Ti ìwọlé ló ń ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́ jù, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí.

Ẹ má gba páásíwọ́ọ̀dù

Oníbàárà tuntun á fẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí yín lórí Wáàsáàpù kí ẹ tó béèrè rárá. Ìyá aláṣọ òkè ní, "Gbà á, ọmọ mi, kí o máa bá mi ṣe é lọ." Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Láti inú ilé tiyín ni ẹ ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ìdí tí mo fi kọ̀ ni pé péèjì Fesibúùkù kò ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àkáǹtì ẹni tó ni ín ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Bí ẹ bá gba páásíwọ́ọ̀dù ìyá, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwòrán ìsìnkú, àti ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nínú ẹbí. Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yín.

Ìdí kejì ni pé Fesibúùkù máa ń fura. Ẹni tó ń wọlé láti Peckham lójoojúmọ́, tó wá ṣàdédé wọlé láti Ìbàdàn lórí kọ̀ǹpútà tí wọn ò rí rí, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, kí wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé òun ni. Kóòdù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, orí fóònù oníbàárà ló ń bọ́ sí, ẹ ó sì máa jí i lóru nítorí rẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù sínú fáìlì kan tí ẹni gbogbo ń ṣí, tí kóòdù sì ń bọ́ sórí síìmù òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kúrò, òun àti síìmù rẹ̀ ló jọ lọ. Oníbàárà márùn-ún ni kò rí péèjì wọn wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ń ta aṣọ ọdún Iléyá lásìkò náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé n kò ní gba páásíwọ́ọ̀dù oníbàárà kankan níbi tí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ọ̀nà náà rèé. Kí ilé iṣẹ́ yín ní àkáǹtì òwò tirẹ̀ lórí `business.facebook.com`. Nínú `Settings`, ẹ wo ìsọfúnni nípa òwò yín, ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan tó ń jẹ́ `Business ID`. Òun nìkan ni ẹ máa fún oníbàárà. Oníbàárà náà á ṣí àkáǹtì òwò tirẹ̀, yóò gbé péèjì rẹ̀ àti Ínsítágíráàmù rẹ̀ sínú rẹ̀, yóò lọ sí `Settings`, sí `Partners`, yóò sì yan èyí tó fi ń yọ̀ǹda ohun tirẹ̀ fún yín, ìyẹn `Give a partner access to your assets`. Ibẹ̀ ni yóò ti tẹ nọ́ńbà yín, tí yóò mú ohun tó fẹ́ kí ẹ rí, tí yóò sì sọ ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ínsítágíráàmù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òwò tàbí ti àwọn tó ń ṣe nǹkan jáde, nítorí àkáǹtì ti ara ẹni lásán kò ní gbà.

Mo máa ń pe ẹni náà sórí fóònù, kí a jọ ṣe é, kí ó máa ka ohun tó rí fún mi. Kì í tó ogún ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, mo máa ń ní kí ọmọ wọn kan jókòó tì wọ́n.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ẹ bá ń ṣe é láti ọ̀dọ̀ tiyín, tí ẹ fẹ́ mú péèjì wọlé, wọn ó fi ọ̀nà méjì hàn yín. Ọ̀kan ni pé kí ẹ *bèèrè* àyè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹ sọ péèjì náà *di tiyín*. Èkejì yìí yá kíákíá, òun ni ọ̀dọ́ tó ń kánjú máa ń tẹ̀. Àmọ́ inú àkáǹtì òwò kan ṣoṣo ni péèjì lè wà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Bí ó bá ti wọ tiyín, oníbàárà kò lè gbé e sínú tirẹ̀ mọ́ àfi bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀yin àti òun bá sì pínyà, ìjà dé nìyẹn. Ẹ lè mọ̀ bó ṣe jẹ́: ẹ ṣí orúkọ péèjì náà nínú `Settings`, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Owned by` sí. Orúkọ oníbàárà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ yín ni, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì gba agbára gbogbo. Wọ́n lè fi `Full control` lọ̀ yín láti bu ọlá fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in lè yọ olówó péèjì fúnra rẹ̀ kúrò, tàbí kí ó pa péèjì náà rẹ́. Àyè láti gbé ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, láti dáhùn ìfiránṣẹ́, láti ṣe ìpolówó àti láti rí àkọsílẹ̀ iye ti tó iṣẹ́ wa. Káàdì báńkì oníbàárà ló sì ń sanwó ìpolówó, kì í ṣe tiwa.

Lẹ́yìn èyí, inú àkáǹtì òwò tiyín ni ẹ ó ti pín in fún òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe ti Bódìjà, ti Bódìjà nìkan ni kí ó rí. Bó bá kúrò níbi iṣẹ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ó yí padà.

Àwọn ibi kan wà tí páásíwọ́ọ̀dù kò ní ṣeé yẹra fún. Bó bá jẹ́ ìkànnì orí `WordPress`, kí oníbàárà ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún yín gẹ́gẹ́ bí `Editor`, kò gbọdọ̀ jẹ́ `Administrator`. Bí ibi náà kò bá fàyè gba ẹni méjì rárá, `KeePassXC`, ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà. Fáìlì kan fún oníbàárà kan, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó tún lè pèsè kóòdù oní-nọ́ńbà 6 tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí náà kóòdù kò ní máa bọ́ sórí síìmù ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ní láàpútọ́ọ̀pù, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kí ó tì í mọ́ dùrọ́ọ̀. Ó sàn ju orí Wáàsáàpù lọ.

Ìlà iṣẹ́

Ẹ ya bíráúsà sọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Nínú `Chrome`, ẹ ṣẹ̀dá `profile` tirẹ̀, ẹ fún un ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa ni ti aṣọ òkè, àwọ̀ ewé ni ti Bódìjà, búlúù ni ti Peckham. Ojú ń rí àwọ̀ kí ó tó ka orúkọ. Orúkọ oníbàárà náà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú orúkọ fáìlì gbogbo:

```
ISE-2026-03-14-alaari.jpg
BOD-2026-03-14-amala.jpg
PEC-2026-03-14-elubo.jpg
```

Bí ẹ bá rí BOD nínú bíráúsà pupa, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ṣìnà kí ó tó jáde.

Iṣẹ́ ọjọ́ 7 ni ẹ máa tò sílẹ̀, kí ó má jù bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń to ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ ní Bódìjà kú lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ń pe ènìyàn wá jẹun wá jó sì wà lórí ìlà fún òpin ọ̀sẹ̀ náà. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé dúdú sí i. Ká ní ọgbọ̀n ni, ọ̀kan á bọ́ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni kan lára ẹbí tàbí òṣìṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀, tó lè tètè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Aago Peckham ń yí padà, tiwa kì í yí. Nígbà òtútù, aago méjìlá ọ̀sán wa jẹ́ aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta sí èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wa dọ́gba. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ni ó bọ́ sí. Ẹ ṣí ìlà Peckham lọ́jọ́ Satidé tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ tún aago ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ wò.

Ìjábọ̀

Fáìlì kan fún oníbàárà kan, kò gbọdọ̀ sí ìwé kan tí gbogbo wọn jọ wà. Bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà ìjábọ̀ Ìṣẹ́yìn láti fi kọ ti Bódìjà, lọ́jọ́ kan ẹ ó gbàgbé iye owó ẹni kan sínú ìwé ẹlòmíràn. Ìwé ìjábọ̀ òfìfo kan ni kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbà gbogbo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kíka iye ènìyàn tó rí ọ̀rọ̀. Ká ní lọ́jọ́ Ajé, ẹni 3 rí i: Adé, Bísí àti Kúnlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni 3 tún rí i: Adé, Bísí àti Ṣadé. Ẹni tó bá ro iye ọjọ́ pọ̀ á kọ 6. Ẹni 4 péré ló rí i. Ẹ má ro ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ láé. Ẹ yan oṣù náà látòkè, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ náà ka àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá Ìṣẹ́yìn bá bèèrè ìdí tí iye fi kéré sí ti ẹni tó ṣe é ṣáájú yín, bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fi ohun tí oníbàárà ń tà ṣáájú. Màmá kì í bèèrè iye tó fẹ́ràn àwòrán, wọ́n máa ń bèèrè pé, "Ẹni mélòó ló bi mí léèrè iye owó?" Nítorí náà, mo máa ń ka àwọn ìfiránṣẹ́ tó bèèrè owó, mo ń fi ọwọ́ kọ wọ́n sínú ìwé onílà lójoojúmọ́. Ojú ewé kan tó dúró lóòró, tó ṣeé ṣí lórí fóònù, ló máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn.

Bí oníbàárà bá ń lọ

Ẹ fún un ní ìjábọ̀ tó kẹ́yìn àti gbogbo àwòrán tó san owó fún. Ẹ yọ ohun tó bá kù lórí ìlà. Kí ó lọ sí `Partners`, kí ó yọ orúkọ yín, kí ẹ̀yin náà sì ṣí tiyín láti rí i pé péèjì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé fáìlì `KeePassXC` rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ó yí páásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ẹ pa `profile` aláwọ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú `Chrome`. Èmi máa ń ṣe é lọ́jọ́ tó kéde pé òun ń lọ, n kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.