Ṣílè tí wọ́n pè ní fàdákà Lárúbáwá

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ẹ̀gbọ́n mi san fún ọ̀gbẹ́ni kan nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, kó ṣáà lè bá a wo owó onírin kan. Ọ̀gbẹ́ni náà rí igi ọ̀pẹ lára rẹ̀, ó ní owó Lárúbáwá ni, fàdákà gidi. Ó parí. Inú àpótí bàbá wa àgbà ni owó ọ̀hún ti jáde, bàbá tó fi òṣómàáló jẹun, tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri. Kí ló gbé owó Lárúbáwá débẹ̀? Igi yẹn gan-an, ọ̀pẹ tiwa tí à ń fún epo rẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi n'Ífẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn kò gba àkókò rárá. Orí ọba tó dé adé wà lápá kan. Ọ̀pẹ wà lápá kejì, pẹ̀lú àjẹkù lẹ́tà: "ST AFR", àti "ONE SH". BRITISH WEST AFRICA nìyẹn, ṣílè kan. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kọ́ ló ni ín o: ìgbìmọ̀ owó tí òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1912 ló ń gbé e jáde fún Nàìjíríà, Gánà òní, Sàró àti Gáńbíà pa pọ̀.

Ọdún ló kù, ọdún ọ̀hún sì ti pa rẹ́. Láti 1913, fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe ṣílè yìí. Fàdákà wá wọ́n gógó lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é lọ́dún 1920, pẹ̀lú ọ̀pẹ kan náà. Àwọ̀ ló máa ya wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ gílóòbù pípọ́n ni ẹ̀gbọ́n mi ti ya tiwọn, lóru. Èékánná wọn pàápàá pọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ má tan iná fóònù sí i." Bí bébà bá funfun nínú fọ́tò, àwọ̀ owó náà ṣeé gbà gbọ́.

Wọ́n yà á lóòótọ́, àmọ́ owó náà ń dán yanran. Wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o, "kí o lè rí i dáadáa." Háà! Inú kòtò lẹ́tà ni ìròyìn wà. Fàdákà tó ti gbó máa ń dúdú níbẹ̀, idẹ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ ewéko díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fọ̀ dànù. Ẹ má fọ owó àtijọ́ kí ẹ tó yà á, ẹ má sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, torí ẹni tó ń ra irú rẹ̀ á já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó bá mi ṣe é ni pé imú ọba, tó ti jẹ jù, pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí bébà funfun. Fàdákà kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Idẹ ni.

Mo wá béèrè fọ́tò etí rẹ̀. "Etí wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n tún fi ojú ọba ránṣẹ́. Nígbà tó yé wọn, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ọn débi pé gbogbo rẹ̀ rí ràìràì. Mo ní kí wọ́n fi ìwé méjì há owó náà kó dúró, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ wá. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọkọ̀ lọ sí Iléṣà.

Fọ́tò etí tó dé kẹ́yìn ló yanjú ọ̀rọ̀. Ilà wínníwínní bí eyín ìyarun yí etí owó náà ká, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín wọn kọjá yípo. Ti Jọ́ọ̀jì Kẹfà ni, láti 1938. Ṣílè onídẹ ti bàbá rẹ̀, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún onírùngbọ̀n, kò ní kòtò yẹn. Àwọn arọ́wó ló fà á: ayédèrú ṣílè pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé òyìnbó, pàápàá lágbègbè Ìjẹ̀bú, kòtò etí sì ṣòro fún ẹni tó ń fi irin yíyọ́ rọ owó. Bí ẹ bá rí ibi tí irin méjì ti pàdé létí owó, ayédèrú ni.

Nínú lẹ́tà tó yí orí ọba ká, mo ṣì rí "IND: IMP". Oyè ọba Íńdíà nìyẹn, tí wọ́n yọ kúrò lára owó lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Torí náà, a rọ owó yìí láàárín 1938 sí nǹkan bí 1948, mo sì mọ̀ ọ́n láìfọwọ́ kàn án.

Àmì ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ni n kò lè sọ. H àti KN máa ń wà lára díẹ̀ nínú wọn, Bámíńgámù sì ni méjèèjì ti wá. Tiwa ti bá eérú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni yẹn nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọn. Ó ní owó ojú òun ni òun gbà.